Obìnrin Máńṣẹ́sítà Tó Ní Òun Ń Bọ̀

Tí wọ́n bá bi Azeezat léèrè iṣẹ́ tó ń ṣe, á ní iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni. Àwọn ará ilé wọn ní Ìsẹ́yìn á mi orí. Kọ̀ǹpútà! Iṣẹ́ ńlá. Wọn ò mọ̀ pé àga onírọ́bà kan ló ń jókòó lé láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn káńtà, nínú kafé Alájì Gbádégẹṣin, lórí àjà kejì ilé kan ní Fifth Avenue, Festac. Pé tíkẹ́ẹ̀tì ló ń tà. Nọ́ńbà wà lára tíkẹ́ẹ̀tì, oníbàárà á tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á ṣí. Tí àsìkò bá tán, ẹ̀rọ á tì. Gbogbo ẹ̀rọ inú yàrá náà ló so mọ́ èyí tó wà níwájú rẹ̀. Ó lè ti èyíkéyìí láti orí ìjókòó rẹ̀. Ó lè ṣí i padà. Gbogbo agbára tó ní láyé nìyẹn.

Ọdún 2006 nìyí. Ilé tó ní íńtánẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ ní Festac kò pọ̀. Ẹni tó fẹ́ wo èsì ìdánwò, ẹni tó fẹ́ kọ̀wé sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Italy, kafé ló ń wá. Àmọ́ kì í ṣe owó àwọn yẹn ló ń ra dísù sínú jẹnẹrétọ̀. Owó àwọn ọmọ yàhúù ni. Wọn kì í pẹ́ dé. Wọ́n á gba àwọn ẹ̀rọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, wọ́n á kọ ẹ̀yìn sí ògiri, wọ́n á dojú kọ gbogbo èèyàn, kí ẹnikẹ́ni má baà rí ohun tí wọ́n ń kọ. Wọ́n á tú lọ́fínńdà sára bí ẹni tó ń lọ sóde. Wọ́n á jẹ míìtì páì lórí bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń tẹ ọ̀rọ̀.

Azeezat ló ń nu àwọn bọ́tìnnì yẹn láràárọ̀. Òróró. Eérú sìgá. Ohun kan tó gbẹ, tó ń lẹ̀, tí kò fẹ́ mọ ohun tó jẹ́. Á gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á máa nu. Ó máa ń kó o nírìíra dé ọ̀nà ọ̀fun. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ àwọn ọmọ náà gan-an kò tíì kó o nírìíra tó bẹ́ẹ̀. Ká má purọ́. Òyìnbó ni wọ́n ń lù ní jìbìtì, òyìnbó sì jìnnà. Ó gbọ́ tí wọ́n ń pe àwọn tí wọ́n ń lù ní mágà, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń ka tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lọ.

Malik ló níwà jù nínú wọn. Ọmọ tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó mọ́ tónítóní, tí irun rẹ̀ kì í gùn. Tó bá wọlé, á dọ̀bálẹ̀ dé ìdajì.

"Àǹtí mi àtàtà, ẹ káàárọ̀ mà. Ṣé ẹ sùn dáadáa? Àwọn ọmọ ńkọ́?"

"Ọmọ wo? Ṣé o ti bá mi wá ọkọ ni?"

"Háà, Àǹtí, ẹ̀yin lẹ ò dá wọn lóhùn!"

Wọ́n á jọ rẹ́rìn-ín. Á ra míìtì páì méjì, á gbé ọ̀kan síwájú rẹ̀. Azeezat á jẹ ẹ́. Ó ń dùn.

Oníbàárà mìíràn tí Azeezat fẹ́ràn ni Bọ̀dá Jayéọlá. Akọ̀wé ni ní iléeṣẹ́ kan tó ń yọ ẹrù ní Àpápá, kí tírélà tó gun orí ẹsẹ̀ rẹ̀ ní Mile 2. Ẹsẹ̀ kò gé, àmọ́ kò wúlò mọ́. Igi ìtìlẹ́yìn ló fi ń rìn. Iléeṣẹ́ bẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan, wọ́n gbé mílíìkì àti Bọ́nfítà wá, wọn ò padà wá mọ́. Báwo ni ẹni tó ń fi igi rìn ṣe máa já bọ́ọ̀sì gbà láti Festac dé Àpápá láràárọ̀? Ìyàwó rẹ̀, Hidaayah, ìyá Mikail ọmọ wọn, ló wá ń gbé ilé ró. Ẹja tútù àti omi yìnyín, láti inú fírísà kan ṣoṣo tó wà lójúde ilé wọn. Bí fírísà bá ń ṣiṣẹ́, ilé jẹun.

Hidaayah kan náà ló rí ìwé náà lára òpó iná ní Mazamaza. Ó já a, ó ká a sínú tòbí rẹ̀, ó gbé e wálé fún ọkọ rẹ̀ bí ẹni rí ìwòsàn. *Jókòó sílé rẹ, máa tẹ ìwé, gba owó pọ́n-ùn.* Àdírẹ́sì ímeèlì kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Kò sí orúkọ òpópónà. Kò sí nọ́ńbà fóònù.

Látìgbà náà ni Bọ̀dá Jayéọlá ti ń gun àtẹ̀gùn kafé. Igi, ẹsẹ̀, mímí. Igi, ẹsẹ̀, mímí. Azeezat á ti gbọ́ ọ kó tó rí i.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí à ń wí yìí, ó yára gùn ún ju bó ṣe ń gùn ún lọ. Ó dé òkè, òógùn bò ó, gbogbo eyín rẹ̀ wà níta fún ẹ̀rín.

"Azeezat, bá mi yọ̀. Wọ́n ti gbà mí!"

"Ẹ kú oríire o, Bọ̀dá. Ta ló gbà yín?"

"Máńṣẹ́sítà. Màdáámù Bernice tó ń kọ̀wé sí mi, òun fúnra ẹ̀. Mo ṣèdánwò tí wọ́n fi ránṣẹ́, mo gba méjìdínlọ́gọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Ó ní látọjọ́ tóun ti ń gba èèyàn, òun ò rí irú ìka báyìí rí."

"Wọ́n pè yín? Ẹ gbọ́ ohùn wọn?"

"Kí ni ti ohùn jẹ́? Àkọránṣẹ́ la fi ń sọ ọ́. Òyìnbó kì í fi ẹnu ṣòfò."

"Ẹ rí ìwé àdéhùn? Iye wákàtí, iṣẹ́ tẹ́ ẹ máa ṣe gan-an?"

"Ó ń bọ̀. Owó ètò tí wọ́n máa fi sínú ẹ̀rọ tí màá fi ṣiṣẹ́ ló kù. Wọ́n á dá a padà fún mi pẹ̀lú owó oṣù àkọ́kọ́. Àkáǹtì lọ́yà wọn tó wà ní Èkó ni màá san án sí, lónìí, kí wọ́n má baà gbé ipò mi fún ẹlòmíì." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹni tó fẹ́ ra fírísà Hidaayah ti wà lọ́nà láti Trade Fair."

Azeezat gbé tíkẹ́ẹ̀tì tó ń kà sílẹ̀.

Ó ti jókòó sẹ́yìn káńtà yìí pẹ́. Ó mọ orin yìí. Ó ti gbọ́ tí wọ́n ń kọ ọ́ láti igun yàrá, tí wọ́n ń kọ́ ara wọn ní ẹsẹ̀ kejì. Kí iṣẹ́ yá, kí owó oṣù pọ̀, kí àyè fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Kí owó kékeré kan wá jáde, tó jẹ́ pé ẹni tó ń wáṣẹ́ ni yóò san án. Tó bá san án, òmíràn á jáde.

"Bọ̀dá Jayé, ẹ má bínú sí mi. Ẹni tó gba èèyàn síṣẹ́ ló ń sanwó fún èèyàn. Níbo ni òṣìṣẹ́ ti ń sanwó fún ọ̀gá?"

"Owó ètò ni. Wọ́n á dá a padà."

"Tí wọ́n bá máa dá a padà, kí wọ́n yọ ọ́ nínú owó oṣù yín. Àdírẹ́sì ímeèlì yìí sì ńkọ́? Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń pín irú ẹ̀. Mo lè ṣí ọ̀kan kẹ́ ẹ tó mu omi tán, kí n sọ ọ́ ní Bernice. Iléeṣẹ́ tó ń san pọ́n-ùn kò lè ní àdírẹ́sì tó ń jẹ́ orúkọ ẹ̀?"

Ó ní kó fún òun ní lẹ́tà tí wọ́n fi gbà á síṣẹ́. Ó da ìlà kan nínú rẹ̀ kọ, bó ṣe wà gẹ́lẹ́, sínú ibi tí wọ́n ti ń wá nǹkan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ìlà náà jáde. Ojú ewé kan tí àwọn tí wọ́n ti lù ní jìbìtì ti ń kìlọ̀ fún ara wọn ló ti jáde. Iléeṣẹ́ mìíràn. Toronto. Sydney. Màdáámù mìíràn. Ọ̀rọ̀ kan náà, títí kan ibi tí wọ́n ti ṣi ọ̀rọ̀ kọ.

Bọ̀dá Jayéọlá wò ó.

"Àwọn olè ló jí lẹ́tà wọn lò," ló wí níkẹyìn. Ojú rẹ̀ ti le. "Azeezat, o ò fẹ́ kí n dìde ni? Ìwọ tó ò ń ta tíkẹ́ẹ̀tì! Fún mi ní wákàtí kan."

Ó dun Azeezat. Ó fún un ní tíkẹ́ẹ̀tì.

Ọkùnrin náà jókòó sí ẹ̀rọ tó sún mọ́ káńtà jù, ó gbé igi rẹ̀ ti ògiri, ó wọ ibi tí wọ́n ti ń fọ̀rọ̀ ránṣẹ́ síra wọn. Àṣà rẹ̀ ni kó máa ka ohun tó bá rí jáde lóhùn kékeré, bí akọ̀wé àtijọ́.

"Ó ti wà níbẹ̀. Ó ní, ṣé owó ti wà nílẹ̀? Mo ní, ó kù díẹ̀, mà. Ó ní, àyè kan ṣoṣo ló kù o." Bọ́tìnnì ń dún bí òjò orí páànù. Lóòótọ́, ìka rẹ̀ dára. "Ó ní, 'Hold on dear, I am coming.'"

Ó fi ọwọ́ sílẹ̀.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, Malik dìde. Ó na ara. Ó gba iwájú káńtà kọjá, ó ń wá owó wẹ́wẹ́ nínú àpò.

"Àǹtí mi, mò ń bọ̀ o. Mo fẹ́ ra omi. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gba àyè mi."

Ó sọ̀ kalẹ̀.

"Bọ̀dá," ni Azeezat wí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Màdáámù yín ńkọ́?"

"Ó ti jáde. Ó ní òun ń bọ̀."

"Ó jáde, ó wá ní òun ń bọ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Kí ló wà níbẹ̀?"

Kí ló wà níbẹ̀! Gbogbo wa la ń sọ ọ́. Ọmọ Yorùbá á dìde, á kọ ẹ̀yìn sí ọ, á máa lọ, á ní òun ń bọ̀. Ó yé wa. Ẹni tó ní òun ń bọ̀ ń lọ ni, á padà. Àmọ́ òyìnbó tó ń lọ kì í sọ pé òun ń bọ̀. Tó bá ń lọ, ó ń lọ. Azeezat rántí olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì wọn ní Ìsẹ́yìn tó ń fi pankẹ́rẹ́ lé gbólóhùn yìí kúrò lẹ́nu wọn, tí òun náà á sì dìde kúrò ní kíláàsì, á ní, "I am coming."

Obìnrin Máńṣẹ́sítà. Ahọ́n Èkó.

Malik padà gòkè, omi ọlọ́ràá lẹ́nu rẹ̀. Ó jókòó.

"Ó ti dé," ni Bọ̀dá Jayéọlá wí. "Ó ní, 'I am back, dear.'"

Azeezat wá ẹ̀rọ Malik lójú ẹ̀rọ tirẹ̀. Ó tì í.

"Hẹ̀n-ẹ́n! Àǹtí, ẹ̀rọ mi ti tì o!"

"Nẹ́tíwọ̀kì ni. Fara balẹ̀." Ó yíjú sí Bọ̀dá Jayéọlá. "Ẹ bi màdáámù ní nǹkan kan. Ohunkóhun."

"Mo ti bi í pé kí ni orúkọ lọ́yà." Ó dúró. "Kò dáhùn."

Azeezat ṣí ẹ̀rọ náà.

"Ó ti dáhùn. Ó ní, 'Sorry, network.'"

Ó tún tì í. Ohùn Malik tún jáde láti igun. Ó tún ṣí i. Bọ̀dá Jayéọlá tún ka 'sorry' mìíràn. Lẹ́yìn náà ni kò kà mọ́. Ọkùnrin náà kì í ṣe òmùgọ̀. Ẹni tí ojú ń pọ́n ni. Ó wo ọwọ́ Azeezat lórí bọ́tìnnì, ó sì wo igun yàrá.

"Ẹ wá síbí," ni Azeezat wí. "Ẹ wá tẹ̀ ẹ́ fúnra yín. Tó bá jẹ́ irọ́ ni mò ń pa, ẹ ó rí i."

Ó fi àga rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Ó yí ojú ẹ̀rọ tí Bọ̀dá Jayéọlá dìde kúrò níbẹ̀ síbi tí ọkùnrin náà ti lè rí i. Ó fi ibi tó máa tẹ̀ hàn án. Akọ̀wé náà tẹ̀ ẹ́. Màdáámù Bernice dákẹ́. Ó tún un tẹ̀. Màdáámù Bernice sọ̀rọ̀: *dear, are you there, send the money before they close.* Ó tẹ̀ ẹ́. Màdáámù kú. Ó tẹ̀ ẹ́. Màdáámù jí. Ó ń ṣe é bí ẹni tó ń tẹ egbò tirẹ̀ wò, pé bóyá yóò ṣíwọ́ dídùn níbì kan.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́ ná! Oníbàárà mi wà lórí ìlà!" Malik ló pariwo báyẹn. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín.

Bọ̀dá Jayéọlá na ọwọ́ mú igi rẹ̀, ó padà síbi ẹ̀rọ tirẹ̀. Kò jókòó. Ó fi ìka kan ṣoṣo kọ ọ̀rọ̀ kan, ní Yorùbá, ó fi ránṣẹ́ sí Máńṣẹ́sítà.

*Malik, gbójú sókè.*

Malik gbójú sókè.

Ẹ̀rín kọ́kọ́ wà lẹ́nu rẹ̀, nítorí ẹ̀rín ni ẹnu yẹn mọ̀. Lẹ́yìn náà ó rí àgbà ọkùnrin tó ń fi igi rìn, tó dúró, tó ń wò ó. Ó wo ojú ẹ̀rọ rẹ̀. Ó tún wo ọkùnrin náà. Ó yára dìde, ó sì ṣe ohun tí Azeezat kò ní gbàgbé. Ó dọ̀bálẹ̀. Gbalaja, lórí táìsì tí Azeezat nù láàárọ̀.

"Dádì, ẹ má bínú sà. Mi ò mọ̀ pé ẹ̀yin ni. Walahi, ká ní mo mọ̀ pé ẹ̀yin ni, ẹlòmíì ni ǹ bá wá."

Ẹlòmíì. Ó sọ ọ́ bí àforíjì.

"O rí mi níbí lójoojúmọ́," ni Bọ̀dá Jayéọlá wí. Ohùn rẹ̀ kò ròkè. "O ń bá mi gbé igi mi."

"Wọn ò kọ ojú sára ímeèlì, sà."

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín ní igun. Itọ́ kún ẹnu Azeezat. Itọ́ tó korò, tó nípọn. Gbogbo míìtì páì tó ti jẹ lọ́wọ́ ọmọ yìí. Owó ta ni? Fírísà ta ni? Ó gbé e mì fúnra rẹ̀, ó sì ní ó dùn.

"Bọ̀dá, fírísà!" ló wí.

Ọkùnrin náà ta gìrì. Ó fa fóònù rẹ̀ yọ, kò rí nọ́ńbà tẹ̀. Azeezat gba fóònù náà, ó bá a tẹ̀ ẹ́, ó gbé e sí i létí. Ohùn Hidaayah ń jáde síta kí ó tó dé etí rẹ̀.

"Ṣé màdáámù yẹn ṣì ń dúró de owó? Àwọn èèyàn yìí ti dé o, mọ́tò wọn wà lójúde. Wọ́n ti ń bá mi kó ẹja jáde!"

"Kó ẹja padà."

"Kí lẹ wí?"

"Kó o padà sínú ẹ̀, Hidaayah. Dá owó wọn padà fún wọn. Má jẹ́ kí wọ́n gbé e."

"Wọ́n ti yọ wáyà! Wọ́n ní àwọn ti ra epo wá láti Trade Fair! Baba Mikail, kí ló ṣẹlẹ̀? Iṣẹ́ yẹn ńkọ́?"

"Jókòó lé e lórí tí wọn ò bá gbọ́. Jókòó lé e lórí títí màá fi dé."

Wọ́n gbọ́ tí obìnrin náà yíjú sí àwọn tó fẹ́ gbé fírísà. Wọ́n gbọ́ èébú, ti Yorùbá, ti pijin, tí ọmọ Mazamaza nìkan lè kó jọ láàárín èémí kan. Lẹ́yìn náà, gbì. Ideri fírísà. Ó ti jókòó.

Ariwo ló gbé Alájì Gbádégẹṣin jáde láti yàrá ẹ̀yìn, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Azeezat rò pé ìrànlọ́wọ́ dé. Ó rò ó. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un, kíákíá, láìfi ohunkóhun pa mọ́. Alájì gbọ́ ọ tán. Ó mú irùngbọ̀n.

"Ẹni tí ò tíì sanwó, kí ni wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹ̀?" ló bi í. "Ìwọ lo ti ẹ̀rọ oníbàárà mi pa?"

"Alájì, ó ń lu èèyàn ní jìbìtì nínú ṣọ́ọ̀bù yín!"

"Ẹ̀rọ ni mo ń yá èèyàn lò. Mi ò mọ ohun tí wọ́n ń kọ. Ìwọ náà ò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀?" Ó yíjú sí Malik, ó rọ ohùn. "Dìde, ọmọ mi. Azeezat, fún un ní tíkẹ́ẹ̀tì wákàtí kan, fi dí èyí tó o bà jẹ́. Kó o sì bẹ̀ ẹ́."

Malik dìde, ó gbọn orúnkún ṣòkòtò rẹ̀. Ó na ọwọ́ sórí káńtà. Ọwọ́ tó mọ́. Èékánná tí wọ́n gé.

"Kò tó ẹ̀bẹ̀, Alájì. Àǹtí mi ni."

Azeezat wo ọwọ́ náà bó ṣe máa ń wo àwọn bọ́tìnnì láràárọ̀.

"Mi ò tà fún un."

"Kí lo wí?"

"Ẹ tà á fúnra yín, Alájì. Ọwọ́ yín ni kó ti gbà á."

Alájì tà á fúnra rẹ̀. Kò tilẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Tẹ̀sùbáà ṣì wà lọ́wọ́ tó fi ya tíkẹ́ẹ̀tì náà. Nígbà tó gbójú sókè, Azeezat ti fi báàgì kọ́ èjìká, ó ti di apá Bọ̀dá Jayéọlá mú, wọ́n ti dé ẹnu àtẹ̀gùn.

"Tó o bá sọ̀ kalẹ̀, má gòkè mọ́!"

Kò wẹ̀yìn. Ó fẹ́ tutọ́, kò sì fẹ́ tu ú síbi tí Bọ̀dá Jayéọlá máa tẹ̀. Ó gbé e mọ́ ẹnu títí wọ́n fi dé àbọ̀ àtẹ̀gùn, níbi tí fèrèsé kékeré kan wà, ó sì tu ú síta.

Ọkùnrin náà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń mí. Ó di igi rẹ̀ mú bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà á.

"Mo bú ọ lẹ́ẹ̀kan," ló wí. "Nípa tíkẹ́ẹ̀tì."

"Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀, Bọ̀dá. Màmá Mikail ń dúró dè yín lórí fírísà."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn kan. Ó tún dúró.

"Ìdánwò yẹn ńkọ́? Méjìdínlọ́gọ́rùn-ún yẹn."

Azeezat wo ìka rẹ̀ lórí igi.

"Ẹ tẹ̀ ẹ́ dáadáa, Bọ̀dá. Mo wà níbẹ̀. Mo rí i."

"Mo mọ̀ pé mo tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Mò ń béèrè ni. Ṣé ẹnikẹ́ni tiẹ̀ kà á?"

Lókè, wọ́n ti tún ń rẹ́rìn-ín. Azeezat sún mọ́ ọn, ó gbé èjìká rẹ̀ sábẹ́ apá ọkùnrin náà, wọ́n sì ń sọ̀ kalẹ̀ lọ.